Fídíò ọjọ́ eré ìdárayá: jọ̀wọ́ bá wa gé e kù sí ìṣẹ́jú 5

Dámilọ́lá,

O kú iṣẹ́, o kú làálàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo fídíò rẹ lálẹ́ àná, nígbà kejì mo pe àwọn ará ilé mi kí wọ́n wá bá mi wò ó. Iṣẹ́ náà dára. Gígùn rẹ̀ nìkan ni ìṣòro wa.

Àná ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ayẹyẹ ìparí ọdún sọ fún wa pé ìṣẹ́jú 5 péré ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní, àkọlé àti orúkọ àwọn tó ṣe é sì wà nínú ẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa á, ì báà jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ ni. Tìrẹ jẹ́ 8:47. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o ṣe é bó ṣe wù ọ́, nítorí náà ẹ̀bi yẹn tèmi ni. Ǹjẹ́ o lè tún un gé kó má ju 4:50 lọ? Ìṣẹ́jú àáyá 10 tó kù yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, torí ẹ̀rọ kì í sábà gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ náà kí o sì fún un ní orúkọ mìíràn. Èyí tó gùn yẹn, má pa á rẹ́ o. Àwọn ọmọ tó wà nínú ẹ̀ á fẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú.

Mo gbé aago tì í bí mo ṣe ń wò ó, ohun tí mo rí rèé. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń yí po ní ìbẹ̀rẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 22. 5 ti tó. Ibi tí ẹ ti ń to àga títí dé 1:20, ṣe é ní 10. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà ló gùn jù, 130 gbáko. Jẹ́ kí 50 ṣẹ́ kù níbẹ̀, kí o mú ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gbẹ̀yìn. Má sì jẹ́ ká máa wo ojú wọn nìkan: jẹ́ kí ohùn wọn ṣì máa lọ nígbà tí àwòrán àwọn sárésáré bá ti wọlé. (Mo ti sọ fún wọn pé a máa gé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín.)

Nínú fífa okùn, yọ ìpele kejì. Ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ni kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ ń wò jálẹ̀. Ìyẹn á gba ìṣẹ́jú àáyá 20 kúrò. Níbi ẹ̀bùn, gbogbo àwọn ọmọ 14 gbọ́dọ̀ hàn, má fo ẹnikẹ́ni, torí òbí á wá bi mí. Bí o bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 5, 70 ni gbogbo rẹ̀ dípò 105. Kí orúkọ àti ọpẹ́ ìparí náà kù sí 20.

Eré sísá ni mi ò fẹ́ kí o gé rárá. Ní 4:12, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin yẹn, ó wẹ̀yìn wo bàtà náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi í sílẹ̀, ó sáré lọ. Bí a bá ní ibì kan tí àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, ibẹ̀ ni.

Ohun kan tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe: má fi kún ìyára fídíò náà kó lè wọ inú àkókò. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ohùn gbogbo èèyàn wá dà bíi ti ẹ̀fọn. Orin náà, yọ ọ́ kúrò ná, gé àwòrán tán, kí o tó wá tún un tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí o bá gé méjèèjì pọ̀, orin á máa fò. Lẹ́yìn náà, wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀, torí wọ́n lè ti sún kúrò níbi tó yẹ.

MP4 ni kó jẹ́, 1920 × 1080. Mo nílò rẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí ìdánwò ìṣirò rẹ bá dí ọ lọ́wọ́, tètè sọ fún mi, a lè jọ jókòó tì í lọ́jọ́rú lẹ́yìn kíláàsì. Ìwọ ni wàá di asin kọ̀ǹpútà mú o, èmi á kàn máa ka aago.

Olùkọ́ kíláàsì rẹ