Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ sí Màmá Wa ní Ìsẹ́yìn

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹfà, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrìn àjò ọjọ́ Sátidé, ẹ kú ìnáwó ìgbéyàwó ọmọ wa. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, Mà, torí ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

Àbúrò mi tó bá yín wá ló pè mí lálẹ́ àná. Ó ní láti aago kan ni ẹ ti wà lórí ìjókòó, aago márùn-ún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí àwo tó dé iwájú yín. Ó ní epo ti dì yí ẹran ká bí àbẹ́là, àti pé ẹ fi ìka tẹ àmàlà inú ọ̀rá, kò wọlé. Ẹ wá rọra pa ọ̀rá náà dé, ẹ sún un tì. Èmi tí ẹ ń rokà fún ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé lọ́dọ̀ yín! N kò jẹ òkèlè tútù lọ́wọ́ yín rí.

Òjò ló dá ọkọ̀ tó kó oúnjẹ dúró lọ́nà, bíi wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló fà á tó fi tutù. Nígbà tí àwọn kúlà dé, wọ́n ṣí gbogbo wọn pa pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ aláṣọ ẹbí, wọ́n ń bu fún wọn, ìyókù sì wà ní ṣíṣí nínú atẹ́gùn. Ìgbà tó fi máa kan kánópì àwọn àgbà, oúnjẹ ti tutù. Ó yẹ kí n ti yan ẹnì kan tì yín. Iwájú ni mo wà tí mò ń jó, tí wọ́n ń ná mi lówó, n kò wẹ̀yìn wò. Olóúnjẹ ti bẹ̀ mí, àmọ́ èmi ni mo pè yín, òun kọ́. Ọrùn mi ni ẹ̀bi wà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òògùn àtọ̀gbẹ yín. Bisikíìtì inú báàgì àbúrò mi ni ẹ fi lò ó, níbi ìgbéyàwó ọmọ mi! Síbẹ̀, nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ gbé aṣọ òfì lé ìyàwó léjìká, ẹ ṣàdúrà fún un, ẹ ò sọ ohunkóhun tó lè ba ọjọ́ náà jẹ́.

Èmi àti tọkọtìyàwó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, 22 oṣù yìí. Mò ń gbé èlùbọ́, ewédú àti ẹran ògúnfe bọ̀. Ilé ìdáná yín ni mo ti máa rò ó, kó gbóná dé ọwọ́ yín. Bí aago méjìlá bá lù tí ẹ ò tíì rí wa, Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun kí ẹ lo òògùn yín, ẹ má dúró dè wá.

Ẹ dákun, ẹ forí jì mí.

Ọmọ yín,
Ìyá Ìyàwó