Bébà Inú Ìwé

Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí ìwé ìtàn Èkó tí Bàbá Rìsí yá ní láíbìrì ní Yábà. Kì í ṣe irú èyí táwọn ọmọ iléèwé máa ń kọ o, tí wọ́n á fa ìlà gbàgìdì sábẹ́ ọ̀rọ̀ torí ìdánwò. Ìbéèrè ni. Lẹ́tà wẹ́wẹ́, ó mọ́, ó tò. Níbi tí ìwé ti ń sọ pé ọdún 1955 ni LEDB, ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àrùn eku pààyàn l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í wólé n'Ísàlẹ̀ Èkó, éékà 70, wọ́n ní àdúgbò yẹn há jù kò sì mọ́, ẹni yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá ṣí i síwájú. "Ta ló bá wọn kó ẹrù?" Ó tún ṣí i. "Lálẹ́, kí ni wọ́n máa ń gbọ́ níbẹ̀?" Lábẹ́ fọ́tò àdúgbò kan tó ti ń parẹ́, èyí tó gùn jù lọ: "Ìyá màmá mi ò fẹ́ sọ. Ṣé ó ku ẹni tó mọ̀?"

Bàbá bọ́ ìgò ojú ẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún un kà.

Ọmọ ọdún 8 ni Bàbá nígbà tí wọ́n kó wọn kúrò n'Ísàlẹ̀ Èkó. Ó ti lé ní 77 báyìí, ó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù rélùwéè l'Ébùté Mẹ́tta, ó ti sin ìyàwó, ó ti fọmọ fọ́kọ, àti gbogbo ọdún yẹn kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan nípa ilé yẹn rí. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ o. Rìsí ọmọ ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa, oúnjẹ ò wọ́n ọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń dé lásìkò, ṣùgbọ́n èèyàn lè máa jẹun kó máa lo oògùn kí ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ tí kò rẹ́ni sọ ọ́ fún, mo ti rí i lára àwọn àgbà tó pọ̀.

Kò lè kọ̀wé sínú ìwé. Ìwé ìjọba ni, àti pé ní wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fi bírò ba ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ wọ́n á gé owó ẹ̀. Ó bá yọ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá lára ògiri, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀yìn ẹ̀ tó funfun sí wẹ́wẹ́, ó mú bírò, ó wá jókòó. Nǹkan tó kọ́kọ́ dá a dúró ni bí á ṣe kí ẹni tí kò mọ̀. Ó kọ "Ọmọ mi", ó ya á. Tó bá lọ jẹ́ àgbàlagbà bíi tòun ńkọ́? Ó kọ "Alàgbà", ìyẹn náà ò wọ̀ ọ́ lójú. Níkẹyìn ó kọ:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé sínú ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ta ló bá wọn kó ẹrù. Lọ́rì ló kó tiwa, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan irinṣẹ́ ẹ̀, káfíńtà ni wọ́n, wọ́n di ayùn àti òòlù sínú àpò ìrẹsì wọ́n gbé e lé orí ẹsẹ̀ ara wọn títí a fi dé Sùúrùlérè. Ìyá mi gbé ìkòkò àkàrà. Èmi ni wọ́n ní kí n di adìyẹ mú, kí lọ́rì tó gun afárá ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sunkún débẹ̀, gbogbo èèyàn rò pé torí ilé ni."

Ó fi bébà yẹn sí ojú ewé tí ìbéèrè wà. Ó mú òmíràn.

"Ẹ ní kí là ń gbọ́ lálẹ́. Ẹ kú ìbéèrè o. À ń gbọ́ ara wa. Yàrá kan tẹ ìkejì, bí wọ́n bá ń bá ìyàwó jà ní yàrá kẹta ẹ ó gbọ́ ohun tó fà á. À ń gbọ́ ọmọ ọwọ́, à ń gbọ́ ìyá kan tó máa ń wúkọ́ tí gbogbo ilé á sì máa kí i pẹ̀lẹ́ láti orí ẹní wọn láìdìde. Tó bá jẹ́ oṣù àwẹ̀, àwọn oníwéré á máa lùlù kiri láti jí wa jẹ sààrì, àwa ọmọdé tí a kì í gbààwẹ̀ la máa kọ́kọ́ jí. Mi ò ní purọ́ fún yín o, ìwé yẹn ò parọ́, ibẹ̀ há, gọ́tà ń rùn, tí òjò bá rọ̀ omi ń wọlé. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí la ń gbé, a kì í san sílè kan. Ní Sùúrùlérè ẹ̀rọ omi wà, fèrèsé wà, owó ilé náà wà lóṣooṣù. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi ti ń ta àkàrà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá gbé agbada kaná gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Nígbà tá a dé ọ̀hún kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì padà wá sí Ìdúmọ̀tà láti tajà, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, nígbà tó yá wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá lówó lè padà wá ra ilẹ̀ ẹ̀. Owó dà?"

Ibi ìkẹyìn yìí ló ń kọ nígbà tí Mọ́rúfù, ọmọ Rìsí, dé láti ibi iṣẹ́, tó dúró sẹ́yìn ẹ̀ tó ń kà á láìgbàṣẹ.

"Bàbá, ẹ̀yin náà gbé n'Ísàlẹ̀ Èkó rí ni?"

Bàbá yí padà wò ó. Ọmọ ọdún 26, ó ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ láti kékeré. "Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Ẹ̀yin lẹ ò sọ fún wa."

"Ìwọ náà ò bi mí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mọ́rúfù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ bá mi ka ti adìyẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ tí Bàbá dá ìwé padà, obìnrin tó wà ní kántà gbọn ìwé náà, bébà já bọ́ sílẹ̀ wuruwuru. "Haa, Bàbá, kí lèyí?" Bàbá ò mọ bí á ṣe purọ́, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, ó ṣí ojú ewé tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ hàn án. Obìnrin yẹn kọ́kọ́ bínú sí pẹ́ńsù. Ó mú bébà kan, ó ń kà á, èèyàn méjì ti tò sẹ́yìn Bàbá, ó ṣì ń kà á. "Mi ò lè sọ orúkọ ẹni tó yá a fún yín o, Bàbá, òfin ni." Ó kó gbogbo bébà jọ, ó dá wọn padà sójú ewé tí Bàbá fi hàn án, ó pa ìwé dé. "Ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkankan."

Bàbá dúró fún bí oṣù kan kó tó padà lọ. Ìwé wà lórí pẹpẹ. Àwọn bébà ẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, pẹ́ńsù náà ti di rírẹ́, wọ́n fi rọ́bà rẹ́ ẹ mọ́ tónítóní. Lábẹ́ fọ́tò yẹn, bébà aláwọ̀ yẹ́lò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀:

"Ẹ ṣeun gan-an sà, mo gbọ́ lẹ́nu yín pé ọkùnrin ni yín. Mo ti rẹ́ tèmi kúrò, wọ́n bá mi wí ní kántà. Mo ka tiyín fún màmá mi, wọ́n ní kí n tún un kà, nígbà tí mo dé ibi ìyá tó ń wúkọ́ wọ́n dìde kúrò níbẹ̀. Ìyá wọn ti kú. Sàbítíyù lorúkọ wọn, ẹ̀wà ni wọ́n ń tà, wọ́n ní àpá kan lókè ojú òsì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Bàbá gbé bébà yìí lọ sí mọ́sáláṣí, ó gbé e padà wálé. Sàbítíyù pọ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó, ẹlẹ́wà pọ̀. Ó wá ojú kan tó ní àpá lókè nínú orí ara ẹ̀, nígbà tó wá a pẹ́ ó fẹ́ẹ̀ rí i, ẹ̀rù sì bà á torí ó mọ̀ pé òun lòun ń ya àpá yẹn sójú obìnrin tí ò ní i. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń kírun sọ fún un pé kó sáà ní òun mọ̀ ọ́n, kí ló kù, kí ọkàn ọmọ yẹn balẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Àánú ló ń ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi náà gbà pẹ̀lú Bàbá lórí èyí: ọmọ tí wọ́n ti fi nǹkan pamọ́ fún láti kékeré, wọn ò gbọ́dọ̀ tún fún un ní èyí tí kò ṣẹlẹ̀.

Mọ́rúfù ló gé bébà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀ wọ́n. Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Ẹlẹ́wà tí mo mọ̀ kò ní àpá, Ìyá Ẹléwé là ń pè é torí pé ewé ló fi ń pọ́n tiẹ̀, mi ò mọ orúkọ ẹ̀, ọmọdé ò lè pe orúkọ àgbà. Bóyá wọ́n mọ ara wọn, bóyá wọ́n jọ ń jà sí oníbàárà, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹlẹ́wà máa ń dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì máa ń sùn gba inú èéfín náà. Tí Màmá ẹ bá rántí pé aṣọ ìyá wọn máa ń rùn èéfín, ibi tó ti wá nìyẹn.

Ó sàn kí n fi ẹsẹ̀ júwe ju kí n fi bírò kọ ọ́. Wá ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó o bá rí bébà yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kí oòrùn tó mú, níwájú mọ́sáláṣí gbogboogbò ní Nnamdi Azikiwe. Bí mi ò bá rí ẹ ní Sátidé yẹn, màá tún wá ní Sátidé kejì. Fìlà búlúù ni màá dé. Ọmọ ọmọ mi á tẹ̀ lé mi, òun náà fẹ́ mọ̀. Ilé wa ò sí mọ́, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. Orúnkún ń dùn mí, a ó máa jókòó lójú ọ̀nà, má kánjú wá. Mú Màmá ẹ dání tí wọ́n bá lè rìn. Tí wọ́n bá sì ní fọ́tò ìyá wọn, mú un wá, kí n wo ojú."