Ìdágbére Ìkẹyìn: Ètò Àká Àgbẹ̀

Ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin ará ọjà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́jọ alẹ́ lù. Láti ọdún 2006 ni Àká Àgbẹ̀ ti ń wọlé tọ̀ yín ní gbogbo alẹ́ Sátidé. Ti alẹ́ yìí ni ìkẹyìn.

Ìbéèrè tí ẹ béèrè jù ni mo fẹ́ fi ìṣẹ́jú tó kù dáhùn, torí ọyẹ́ ti ń fẹ́, ẹ̀wà sì ti ń wọ̀lú: báwo lèèyàn ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà láìfọ́n òtapíàpíà sí i?

Ẹ ra àpò onípele mẹ́ta. Ọ̀rá ni méjì inú, sáàkì ni ti òde. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kún inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń dún ṣìì bíi taya tó ń jò, ó ti lu, ẹ má lò ó.

Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ da díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ dé ìdámẹ́ta, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ gbígbẹ lé e, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ padà lọ sá ẹ̀wà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń yẹ àgbàdo wò.

Bẹ́ ẹ bá ń rọ ẹ̀wà sínú ọ̀rá inú, ẹ máa gbọn àpò kó lè kì. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá inú, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ dì í gírígírí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rá kejì, kẹ́ ẹ tó di sáàkì. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní lè jẹ, kò ní lè bímọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n ń tú àpò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti bu kóńgò kan, afẹ́fẹ́ tuntun á sì wọlé. Ẹ yọ ti jíjẹ sọ́tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí tó le. Ó kéré tán, ẹ fi àpò sílẹ̀ fún oṣù méjì. Orí pákó ni kó wà, kó má fara kan ògiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń fọ́n májèlé sí ẹ̀wà, ẹ jáwọ́. Sísè kì í yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Nítorí rẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà lọ́dún 2015.

Láti alẹ́ yìí, ẹ má pe nọ́ńbà ètò mọ́. Òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ tọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà ètò, kó mú fúláàṣì wá sí yàrá àkójọ ohùn wa lọ́jọ́ Ajé sí Ẹtì, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tó ń gbé rédíò kọ́ ara òpó lẹ́bàá agbada gàrí, ẹ̀yin bàbá tó ń so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìfẹ́ yín ò ní kúrò lọ́kàn wa.

Ìròyìn ló kàn. Ó dàárọ̀ o.