Ètò Ìtọ́jú Inú àti Ìgbọ̀nsẹ̀ Mámá, Lójoojúmọ́

Ilé Mámá, Ìgbógbó, Ìkòròdú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ẹ̀yin ọmọ àti ìyàwó ilé tó ń dúró ti Mámá, ẹ kú ìtọ́jú o.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ márùn-ún ni Mámá ò tíì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, inú wọn sì le gan-an. Ẹ rí ìyà tó jẹ wọ́n kó tó jáde. Ohun tó fà á kò farasin: àrùn rọpárọsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n máa rìn kiri mọ́, kódíìnì wà nínú oògùn orúnkún wọn, oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ wọn náà máa ń mú inú gbẹ. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kì í fẹ́ mu omi, kí wọ́n má baà máa yọ yín lẹ́nu fún ìtọ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò sí ìyọnu kankan níbẹ̀. Dókítà ti mọ̀ nípa kódíìnì náà, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Àárọ̀

Aago 6:30: ẹ gbé wọn jókòó dáadáa, ẹ fún wọn ní ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ń húkọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ sì pè mí.

Aago 7: ògì àti mọ́ínmọ́ín, tàbí ohun tó bá wù wọ́n. Láktúlóòsì, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, mìlílítà 15, ife kékeré tó wà lórí ìgò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Òun kan náà ni ní aago 7 alẹ́. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọjọ́ méjì, ẹ má fi kún un nítorí ìkánjú.

Aago 7:30 ni ọ̀rọ̀ wà. Oúnjẹ tó bá wọ inú ló ń jí ìfun, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àkókò yìí kọjá, kódà bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ gbé àga póò sí apá ọ̀tún wọn tó lágbára. Kí ẹni méjì gbé wọn, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn kí orúnkún ga ju ìdí lọ, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé tìmùtìmù. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má dúró lé wọn lórí, ẹ má pariwo látinú yàrá kejì pé "ṣé ó ti jáde?" Ìyá àgbà ni wọ́n, ojú ń tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan wà nítòsí, kí wọ́n má baà ṣubú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Kí wọ́n má ṣe tiraka. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bọ̀dá lè bá yín gbé wọn, ṣùgbọ́n Mámá sọ fún mi pé obìnrin ni àwọn fẹ́ kó máa nu àwọn. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kí ẹ nù ún, ẹ fi omi ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi fásílíìnì fẹ́ẹ́rẹ́.

Omi àti oúnjẹ

Píọ̀ wọ́tà mẹ́ta lójúmọ́, tó jẹ́ lítà kan àbọ̀. Dókítà ní kò sí èèwọ̀ omi fún wọn. Ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, ìbẹ́pẹ lálẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ẹ sè é fún wọn, kí ẹ kàn fi ẹ̀fọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ẹ̀wà kún un díẹ̀díẹ̀, kí inú má baà wú.

Ìwé kékeré

Ẹ kọ ọjọ́, aago, àti bó ṣe rí: bí ti ewúrẹ́, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ (ìyẹn la fẹ́), tàbí bí ògì.

Ọjọ́ kan láìṣe é, kò séwu. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ fún wọn ní hóró oògùn sẹ́nà méjì ní aago 9, á ṣiṣẹ́ di àárọ̀. Ọjọ́ kẹta, ẹ pè mí, èmi ni màá fi oògùn sí wọn nídìí. Kí ẹnikẹ́ni má ti ìka bọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fi omi ọṣẹ fún wọn nídìí.

Bí omi bá ṣàdédé ń dà lẹ́yìn ọjọ́ tí kò sí nǹkan, ẹ má fún wọn ní oògùn ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ líle ló lè dí ọ̀nà, tí omi wá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún bẹ̀ yín lórí àgbo jẹ̀dí: ẹ má fún wọn rárá. A kò mọ bí á ṣe bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pàdé.

Ọsibítù ìjọba ní Ìkòròdú lójú ẹsẹ̀: bí wọ́n bá ń bì, bí inú bá wú tí wọn kò sì lè só, bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá jáde, tàbí inú rírun tó le. Oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú; ṣùgbọ́n bó bá lẹ̀ bí ọ̀dà tó sì ń rùn burúkú, ẹ máa lọ.

Ọjọ́bọ̀, aago 10 àárọ̀, ni màá padà wá. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Nọ́ọ̀sì yín