Ọ̀rọ̀ Ìkíni Káàbọ̀ Níbi Sùná Ọmọ, Pàkátà, Ìlọrin

Àsàlámù aleekun, ẹ̀yin Alfa wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò.

Ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán wá, tí ẹ ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kú ìrìn. Ayọ̀ la ó máa fi bá ara wa ṣe.

Èmi àbúrò bàbá àgbà ọmọ yìí ni wọ́n ní kí n kí yín. Ọdún 9 la fi ń bá tọkọtaya yìí ṣe àdúà. Lóru ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ìyá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun. Ẹkún ayọ̀ ni. Alihamudulilai! Ọpẹ́ wa kò lè tó, Ọlọ́run Ọba ló tó ọpẹ́ gbà.

Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu, ẹ kú ọwọ́ lómi. Bàbá ọmọ, ojú kò ní tì ọ́ mọ́ o!

Alubarika là ń pè é ládùúgbò yìí, àwọn ẹbí wa tó jẹ́ onígbàgbọ́ ń pè é ní ìbùkún. Ọ̀kan náà ni, òun náà ló kó gbogbo wa jọ síhìn-ín. Kí alubarika yẹn bá ọmọ yìí dàgbà. Kí Ọlọ́run fún un ní àbúrò ayọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ rèé. Àgbò ti wà nílẹ̀, a sì fẹ́ gbọ́ orúkọ. Alfa wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣí i pẹ̀lú àdúà.