Tọ́ọ̀ṣì Dàpọ̀

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí Bọ́sẹ̀ fi dé pápá láti gbáradì fún eré mítà 400. Ọyẹ́ bo Olósùnta mọ́lẹ̀, àpáta tí gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ń wò kò hàn rárá. Dàpọ̀, àbúrò rẹ̀, gbé tọ́ọ̀ṣì àti fóònù Yèyé dání.

Pápá náà kò ní ìlà. Okùn mítà 50 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mẹ́jọ yípo. Nígbà àkọ́kọ́, okùn kò kan ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àlàfo mítà 12 ló kù. Wọ́n fà á sínú níbi kọ́nà méjèèjì títí ó fi pé 400 géérégé, wọ́n wá kan èèkàn mọ́ ìdajì rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ rọra sáré yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó sì fi mítà 60 fa eré gùn díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò ṣe èyí nínú òtútù, iṣan ẹ̀yìn itan fà á, ọjọ́ mẹ́rin ló fi tiro.

Iṣẹ́ òwúrọ̀ yẹn ni mítà 200 lẹ́ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú àáyá 34 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ìrìn padà sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Dàpọ̀ dúró níbi èèkàn. Bí Bọ́sẹ̀ bá débẹ̀ kí 33 tó pé, á tan tọ́ọ̀ṣì: eré ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kíní, iná tàn. 31 ni. Ó dùn mọ́ Bọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí odó, ejìká gun etí, ó di ìkúùkù. 38.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ná owó yín tán láàárọ̀," ni Dàpọ̀ wí.

Tíṣà wọn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ejìká ni kó tú sílẹ̀, kó ya àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó mú ẹyin dání. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí iná tó ṣíwọ́ títàn.

Lọ́jọ́ ìdíje ìjọba ìbílẹ̀, Yèyé gún iyán. Bọ́sẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tòun pamọ́ di alẹ́. Ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín ló jẹ ní aago méje, nítorí aago mẹ́wàá ni eré rẹ̀.

Ìlà karùn-ún ni wọ́n fún un. Ọmọ tó wà ní ìlà kẹjọ dàbí ẹni tó ti ṣáájú kí ìbọn tó dún. Kọ́nà ló fà á, ọ̀nà gbogbo wọn dọ́gba. Bọ́sẹ̀ kò lé e. Ó dúró bí òkúta títí ìbọn fi dún.

Níbi ìdajì, ọmọ mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn okùn, láàárín èrò, nínú oòrùn, Dàpọ̀ na tọ́ọ̀ṣì sókè. Kò tàn.

Bọ́sẹ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀. Ejìká ẹni tó ṣáájú ti ń gun etí.