Àdéhùn Ìtọ́jú Jẹnẹrétọ̀ Yín, 2025 sí 2026: Ọpẹ́ àti Ẹ̀dínwó

Ojúẹlẹ́gbà, Sùúrùlérè, Èkó
Ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 2025

Sí Alhaja Ìyá Bílíkí,
Ilé Ẹja Dídì, Ìjọra, Èkó

Ẹ̀yin Màmá wa,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó dísẹ́ẹ̀lì. A kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín náà.

Ọjọ́ 30 oṣù yìí ni àdéhùn tó wà láàárín wa lórí ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀ yín máa parí. Ẹ ti wà lọ́wọ́ wa láti 2017, látorí jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ yẹn títí dórí Pákíǹsì oní sìlíńdà mẹ́rin tí ẹ rà ní 2021. Owó yín kì í pẹ́, a dúpẹ́. Èyí tó tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ ju owó lọ ni ìwé tí àwọn ọmọ yín ń kọ wákàtí sí, àti omi tí wọ́n ń tú nídìí fílítà dísẹ́ẹ̀lì láràárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Omi inú dísẹ́ẹ̀lì ló máa ń jẹ nósù. Bí nósù yín ṣe ṣì ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì geere, àwọn ọmọ yẹn ni kí ẹ kí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. ₦960,000 lẹ san lọ́dún tó ń parí lọ yìí fún sáfíìsì méjìlá. Mọ́kànlá ti wáyé. Ìkejìlá ń bọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù yìí, nígbà tí mítà bá dé wákàtí 11,750. Lọ́dún tuntun, sáfíìsì kan di ₦95,000. Bó ṣe rí nìyí: ọ́ìlì 15W-40 lítà mẹ́wàá ní ₦4,500 lítà kan, ₦45,000, fílítà ọ́ìlì, ₦12,000, fílítà dísẹ́ẹ̀lì, ₦13,000, iṣẹ́ ọwọ́ àti ọkọ̀, ₦25,000. Ìlọ́po méjìlá rẹ̀ jẹ́ ₦1,140,000. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 ni iye fílítà àti ọ́ìlì tó ń ti òkè òkun wá kò ti dúró sójú kan.

Nítorí ọdún mẹ́jọ tí ẹ ti wà pẹ̀lú wa, a yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦114,000. Ohun tí ẹ máa san jẹ́ ₦1,026,000. A mọ̀ pé ó ṣì fi ₦66,000 ju ti èṣí lọ, a ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí a ti yọ owó yìí ṣe pàtàkì. Owó iṣẹ́ ọwọ́ àti ọkọ̀ wa la ti yọ gbogbo ẹ̀. ₦25,000 orí sáfíìsì kan di ₦15,500. A ò fọwọ́ kan owó ọ́ìlì àti fílítà rárá. Ẹni tó bá ní òun máa ṣe é ní ₦60,000, ẹ bi í léèrè ọ́ìlì tó fẹ́ dà sí i. Ọ́ìlì tí wọ́n ti lò tí wọ́n tún sẹ́ lè mọ́ lójú, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi máa ṣàn bí omi tó bá gbóná, bẹ́áríǹgì ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Ayédèrú fílítà náà pọ̀ nígboro: tí bébà inú ẹ̀ bá ti ya, ìdọ̀tí máa gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí fílítà. Gbogbo ike ọ́ìlì la máa ṣí lójú ọmọ yín, a sì máa fi fílítà tí a bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ rí i.

A ò ní yí wákàtí 250 tí a fi ń ṣe sáfíìsì padà. Ìwé ẹ́ńjìnnì lè fàyè gba wákàtí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ti mọ́ tí eruku ò sì pọ̀ ni wọ́n kọ ìyẹn fún, kì í ṣe Ìjọra. Bí ẹ ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́, oṣù kan kì í pé tí mítà fi máa ń ka 250. Tí iná bá dúró dáadáa tí mítà ò sì tètè dé 250, a ò ní wá fi tipátipá pààrọ̀ ọ́ìlì. Sáfíìsì tó bá ṣẹ́kù máa bọ́ sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ a ò ní jẹ́ kí ọ́ìlì kan lò ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ́ìlì máa ń bàjẹ́ lórí ìjókòó náà.

Sáfíìsì àkọ́kọ́ nínú àdéhùn tuntun máa bọ́ sí wákàtí 12,000. Ọjọ́ yẹn la máa wọn àlàfo fáàfù, ó sì wà nínú owó tí a ti sọ. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kí a tó ṣí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á lálẹ́, kí wọ́n má tàn án títí a ó fi dé ní aago méje àárọ̀. Tí gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ bá ti gan, ẹ̀yin lẹ máa san owó ìyẹn lọ́tọ̀. Bátìrì, bẹ́líìtì àti omi rédíétọ̀ náà ò sí nínú àdéhùn. Fílítà atẹ́gùn méjì wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún yín lọ́dún yìí.

Nǹkan kan ń kọ wá lóminú. Nígbà tí a wọn iná tó ń jáde ní ọjọ́ 28 oṣù tó kọjá, fésì kan ń gbé ámpíà 24, èkejì 15, ẹ̀kẹta 9 péré. Bíi 27 ni fésì kan lè gbé lórí jẹnẹrétọ̀ yín. Tí ẹ bá fi fírísà kan péré kún fésì àkọ́kọ́, iná ibẹ̀ máa lọ sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá ń gbéra, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á sì gbóná títí á fi jó. Ẹ jẹ́ kí oníná yín gbé fírísà méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ sórí fésì kẹta. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Tí ẹ bá fara mọ́ ọn, ẹ san ₦513,000 sínú àkáǹtì tí ẹ ti ń san án sí tẹ́lẹ̀ kó tó di ọjọ́ 30 oṣù yìí, kí ₦513,000 yòókù wọlé ní ìparí oṣù Kẹta 2026. A ò yí àkáǹtì padà o. Ẹnikẹ́ni tó bá fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́ lórúkọ wa, ẹ kọ́kọ́ pè wá. Ẹ̀dínwó yìí ṣì wà títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, nítorí ọjọ́ yẹn la máa ra ọ́ìlì ọdún jọ. Lẹ́yìn ẹ̀, iye tí a bá bá lọ́jà la máa tẹ̀ lé.

Ẹ ṣeun, Màmá.

Ọ̀gá Múfú,
fún gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù

Mo gbàgbé: ẹ sọ fún ọmọ tó ń ṣe alẹ́ pé kó kọ́kọ́ yọ ẹrù kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lófo fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó pa á. Ó ti ń pa á lójijì.